Èérún ni ọkùnrin yìí ń jù, kò pòórá

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀wọ́, ọkùnrin kan àti èmi ti ń bára wa sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ han ọmọ mi obìnrin, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi míìmù kan ránṣẹ́ sí mi, níbi tí ẹnì kan ti ń kun ojú ara rẹ̀ bí aláwàdà, tí wọ́n kọ 'breadcrumbing' sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní rárá, 'situationship' ni. Àbúrò mi ní 'ghosting' ni. N kò gbọ́ ọ̀kankan rí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi gbogbo ohun tí a kọ síra wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kọjá ránṣẹ́ sí yín. Èwo ni tiwa?"

Ìdáhùn: Ìyá wa, ọmọ yín ló jàre. Mo ka àkọsílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo mú bírò àti ìwé lọ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo sì ń ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe ni wọ́n ń pè ní "breadcrumbing". Ọ̀rẹ́ yín náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà, nítorí orúkọ tí ó mú wá bá ìbẹ̀rẹ̀ yín mu dáadáa. Àbúrò yín nìkan ni kò bá a rárá, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wọn, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ghosting" ni kí ẹni tí ẹ jọ ń fẹ́ra, tàbí tí ẹ jọ ń bára yín sọ̀rọ̀ déédéé, já okùn ìbánisọ̀rọ̀ lójijì, láìdágbére, láìsọ ìdí, kí ó sì máa dákẹ́ lọ bí ẹ tilẹ̀ bi í léèrè. Inú orúkọ iwin ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, àwòrán iwin funfun kékeré tí ó wà láàárín àwọn ímójì fóònù ni àwọn tí ń ṣe míìmù sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwé atúmọ̀-èdè Merriam-Webster gbà á wọlé ní ọdún 2017. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ lórúkọ, àkúdàáyà ni ǹ bá mú, nítorí ẹni tí ó lọ báyìí kò kú. Ó wà ní ibòmíràn, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń rẹ́rìn-ín, kìkì pé kò fẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí tún kan òun mọ́. N ó máa pè é ní ìpòórá nínú ìdáhùn yìí.

Kí a tó lè pe nǹkan ní ìpòórá, ìbánisọ̀rọ̀ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ já pátápátá, kò sì gbọdọ̀ sí àlàyé kankan. Ẹni tí ó kíni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kò padà wá mọ́ kò pòórá. Kò tíì dé ni. Ẹni tí ó kọ̀wé pé "mi ò rò pé ọ̀rọ̀ wa máa wọ̀" kò pòórá. Ó dágbére, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ korò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó sá fún olólùfẹ́ tí ń lù ú tàbí tí ń dẹ́rù bà á kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé, ó sì máa ń bí mi nínú nígbà tí mo bá rí míìmù tí ó ka irú wọn mọ́ àwọn tí ojú ń tì láti sọ òtítọ́. Ní ti ọkùnrin yín, ìgbà tí ó dákẹ́ pẹ́ jù lọ jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì padà wá. Àwọn èwe tún ní orúkọ fún ẹni tí ó pòórá fún ọ̀pọ̀ oṣù tí ó wá yọjú lójijì pẹ̀lú "ó tọjọ́ mẹ́ta": "zombieing" ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fi òkú tí ó jí rìn wé e. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kò tó ìyẹn.

Ohun tí ó ṣi àbúrò yín lọ́nà ni máàkì orí WhatsApp. Ẹ ní ó rí i pé máàkì kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ yín fún ọjọ́ méjì gbáko, ó sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀ pé wọ́n ti dènà yín. Máàkì kan túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ yín ti kúrò lọ́wọ́ yín ṣùgbọ́n kò tíì dé orí fóònù rẹ̀. Méjì aláwọ̀ eérú túmọ̀ sí pé ó ti dé. Méjì aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé wọ́n ti ṣí i. Lóòótọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ tí a bá kọ sí ẹni tí ó dènà wa kì í kọjá máàkì kan, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí bí fóònù bá kú tàbí tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, WhatsApp kò sì ní sọ fún yín èyí tí ó jẹ́; wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sókùnkùn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè dáàbò bo ẹni tí ó dènà. Búlúù tí kò yọ náà kì í ṣe ẹ̀rí pé kò kà á, nítorí ẹnikẹ́ni lè lọ sí Settings, kí ó wọ Privacy, kí ó sì pa Read receipts. Òun náà kò ní lè rí ti ẹlòmíràn mọ́ ni. Ní ọjọ́ kẹta, máàkì yín di méjì, ó sì fi àwòrán ẹnu ìfẹnukonu ránṣẹ́. Máàkì kò lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa. Èsì rẹ̀ ni a ó máa kà.

Orúkọ tí ọ̀rẹ́ yín mú wá jẹ́ ti nǹkan mìíràn. "Situationship" ni ìbáṣepọ̀ tí ó ní gbogbo ìṣesí ìfẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ní orúkọ, tí kò sì ní àdéhùn. Ẹni méjì ń ríra, wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí di òru, wọ́n lè máa sùn ti ara wọn pàápàá, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n jẹ́ síra wọn, wọn ò ní rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ọ́sífọ́ọ̀dù ń yan ọ̀rọ̀ tó tayọ ní ọdún 2023, ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣà jọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé "rizz", ìyẹn agbára láti fa ojú ẹni tí a ń fẹ́ mọ́ra, ni ó gba ipò náà. N ó máa pè é ní ìfẹ́ aláìlórúkọ.

Ẹ lè sọ pé gbogbo ìfẹ́ ni kò lórúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá béèrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ lásán, ìbéèrè náà máa ń sún nǹkan síwájú tàbí kí ó parí rẹ̀. Nínú ìfẹ́ aláìlórúkọ, wọ́n á yẹ ìbéèrè náà sílẹ̀, gbogbo nǹkan á sì padà sí bí ó ṣe wà. Nínú lẹ́tà yín, ẹ ní ẹ pàdé lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù kan àti ààbọ̀ àkọ́kọ́, ẹ sì ní ní ìgbà kẹrin ẹ bi í pé kí ni ẹ jẹ́ síra yín, ó sì fèsì pé, "Jẹ́ ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ ná, kí la fẹ́ fi orúkọ ṣe?" Bí mo bá ń kọ́ kíláàsì kan ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, gbólóhùn yẹn ni ǹ bá kọ sára pátákó. Mi ò sọ pé ìfẹ́ aláìlórúkọ burú fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tí ó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, tí kò sì sí ẹni tí ń retí ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń retí orúkọ, òun kò sì retí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bi í ni ẹ kò tíì fojú kanra mọ́, ibẹ̀ ni ìfẹ́ aláìlórúkọ náà sì ti yí padà di nǹkan kẹta.

"Breadcrumbing" wá láti ara èérún búrẹ́dì: kí ènìyàn máa já a díẹ̀díẹ̀, kí ó máa jù ú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kí ó yó, tí kò sì ní jẹ́ kí ó lọ. N ó pè é ní fífi èérún tanni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìfẹ́ aláìlórúkọ ni pé nínú ìfẹ́ aláìlórúkọ, oúnjẹ wà lórí tábìlì, orúkọ rẹ̀ nìkan ni a kò mọ̀. Nínú fífi èérún tanni, kò sí oúnjẹ, òórùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fẹ́ síni nímú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìṣírò mi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ẹ̀yin fi àtẹ̀jíṣẹ́ 61 ránṣẹ́, òun fi 19 ránṣẹ́. Iye yẹn nìkan kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí àwọn kan wà tí wọn kì í kọ̀wé púpọ̀. Ohun tí ó wà nínú 19 náà ni kí ẹ wò. Mẹ́jọ jẹ́ ìkíni lásán, irú "Káàárọ̀, arẹwà mi", láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́fà jẹ́ ímójì nìkan. Márùn-ún jẹ́ ìlérí ìpàdé, "a máa ríra láìpẹ́", "jẹ́ kí n bọ́ nínú eléyìí ná", tí kò sí ọjọ́, wákàtí tàbí ibì kan nínú ọ̀kankan wọn. Kò béèrè ohunkóhun nípa ayé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ kọ ìlà mẹ́rìnlá nípa orúnkún yín, bí ó ṣe wú, bí dókítà ṣe ní kí ẹ yẹra fún àtẹ̀gùn, àti bí ẹ̀rù ṣe bà yín. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó fi àwòrán ọkàn pupa kan ṣoṣo dáhùn. Ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo kà á débẹ̀.

Àmì tí ó dá mi lójú jù ni ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ máa ń dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni sùúrù yín tán nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà tí ẹ dẹ́kun kíkọ̀wé sí i, láàárín ọjọ́ méjì ni ó sì yọjú ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ó fi dákẹ́ yẹn, ẹ kọ̀wé sí i lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje, kò fọhùn, ẹ dákẹ́ ní ọjọ́ kẹjọ, ní ọjọ́ kẹsàn-án, "Ṣé o ti gbàgbé mi ni?" Nígbà tí ẹ bá dáhùn tayọ̀tayọ̀, ó tún di ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀: ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dẹwọ́ ni ó máa ń padà, kò sì sí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lè mọ ọjọ́ tí ẹ dákẹ́. Ibi tí èérún bá ti ń bọ́ ní kété tí ẹyẹ bá fẹ́ fò ni a ti ń mọ̀ pé ẹnì kan ń jù ú. Síbẹ̀, n kò lè sọ fún yín pé ó jókòó gbìmọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gbìmọ̀ ohunkóhun. Ó kàn dùn mọ́ wọn pé ẹnì kan ń ronú nípa wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n nígbà tí ó bá dà bíi pé ẹni náà ti jáwọ́. Ìṣe ni orúkọ náà ń sọ, kì í sọ ohun tó wà nínú ọkàn.

Ẹ béèrè nínú lẹ́tà yín ìdí tí ọwọ́ yín fi ń lọ sórí fóònù bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹyẹlé lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọ Amẹ́ríkà kan, B. F. Skinner, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àyẹ̀wò pẹ̀lú ẹyẹlé tí ń fi ẹnu sọ bọ́tìnnì kan kí ọkà lè jáde, òun àti Charles Ferster sì tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1957. Bí ọkà bá ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹyẹ bá sọ bọ́tìnnì, tí wọ́n wá dá a dúró, kì í pẹ́ kí ẹyẹ náà tó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò ní ìgbà pàtó, ni ọkà ń jáde, ẹyẹ náà á máa sọ ọ́ lọ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ọkà ti tán pátápátá, nítorí pé kò sí bí ó ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkà tí ó pẹ́ àti ọkà tí kò sí mọ́. Ènìyàn kì í ṣe ẹyẹlé, ṣùgbọ́n ohun tí ń dá ẹyẹ náà dúró síbẹ̀ ni ó ń dá ẹ̀yin náà dúró. Ìdí nìyí tí èérún fi lè pa ènìyàn lára ju ìpòórá lọ: ìpòórá ní òpin, ènìyàn á sunkún, á sì nu ojú. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí kan ní orílẹ̀-èdè Sípéènì tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìpòórá àti fífi èérún tanni láàárín àgbàlagbà 626 jáde. Àwọn tí wọ́n ti fi èérún tan, tàbí tí wọ́n ti rí méjèèjì, ni wọ́n sọ pé ayé kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn, pé àwọn dá nìkan wà, pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Wọn kò rí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí ìpòórá nìkan bá. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún wa bóyá èérún ni ó fa ìdánìkanwà tàbí ìdánìkanwà ni ó mú kí wọ́n máa ṣa èérún.

Ní báyìí, míìmù tí ọmọ yín fi ránṣẹ́. Àwòrán mẹ́rin ni, wọ́n tò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ní òkè, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi nǹkan funfun kun ojú. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ọ̀dà ń pọ̀ sí i, títí yóò fi di aláwàdà pátápátá tí ó dé irun aláràbarà. Àwíjàre kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, bí àwíjàre náà bá sì ṣe ń lágbára sí i ni ọ̀dà ń nípọn sí i. Mo wo èyí tí ọmọ yín kọ síbẹ̀, ẹnu yín ni ó ti gba gbogbo rẹ̀: "iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀", "ó ṣáà wo Status mi láàárọ̀ yìí", "ó ní a máa ríra láìpẹ́", "ó fi ọkàn pupa ránṣẹ́". Ohun tí àwọn tí míìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé kì í tètè mọ̀ ni pé ẹni tí ń tan ènìyàn kọ́ ni aláwàdà yẹn. Ẹni tí ń wí àwíjàre ni. Àwọn èwe sábà máa ń fi í ṣe ara wọn lẹ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà bí ọmọ kan bá fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, àwàdà inú rẹ̀ mú díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èébú. Àwíjàre kejì yẹn pàápàá ní orúkọ tirẹ̀: kí ẹnì kan máa wo gbogbo Status yín láìdá yín lóhùn ni wọ́n ń pè ní "orbiting", bí òṣùpá tí ń yí ayé ká tí kì í balẹ̀ síbẹ̀. Wíwo Status kì í gbà ju kí ọwọ́ kan ojú fóònù lọ, ẹ má kà á sí èsì.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí tí ó ju ìṣírò mi lọ, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí i. Ẹ má fi ẹjọ́ kankan sí i, ẹ má fi orúnkún sí i, ẹ má jẹ́ kí ó ju ìlà méjì lọ. Kí ọjọ́, wákàtí àti ibi ìpàdé wà nínú rẹ̀: "Mo fẹ́ rí ọ ní Sátidé yìí, ní aago mẹ́rin, níbi tí a ti kọ́kọ́ pàdé. Ṣé wàá wá?" Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Bí ó bá ní òun yóò wá tí ó sì wá, ẹ wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ìpàdé tó tẹ̀lé e, nítorí ìpàdé kan ṣoṣo lè jẹ́ èérún tí ó tóbi. Bí ó bá ní Sátidé kò rọrùn ṣùgbọ́n ó mú ọjọ́ mìíràn wá fúnra rẹ̀, mo ti ṣì í, ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ dá dúró náà máa ń fi ìgbà kan síni lọ́wọ́, irú "ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n tó lè jáde". Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ "a máa rí i" tàbí ọkàn pupa ni ó dé, ẹ ti gba èsì yín.

Ẹ má kọ nǹkan kan lé e lẹ́yìn ìyẹn. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejì, mo retí pé yóò bi yín bóyá ẹ ti gbàgbé òun. Àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ àti wákàtí yẹn náà ni kí ẹ dà kọ, kí ẹ tún fi ránṣẹ́ sí i bí ó ṣe wà, Sátidé nìkan ni kí ẹ yí padà bí ó bá ti kọjá. Bí ó bá sì dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí kò padà wá mọ́ rárá, ọjọ́ náà ni àbúrò yín yóò tó lè sọ pé òun sọ ọ́.